Irun Dúdú Kì Í Gba Àwọ̀ Lásán

Obìnrin kan fi wíìgì dúdú ya fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó wá sọ fún ayàfọ́tò pé àwọ̀ bàbà ló wu òun. Iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ ní sítúdíò, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ sì ń gbà bà á jẹ́: wọ́n á mú búrọ́ọ̀ṣì nínú Photoshop, wọ́n á da àwọ̀ lé irun náà lórí, irun á wá rí bíi fìlà ọ̀dà. Àwọ̀ ti bo fọ́nrán irun, ó ti bo ibi tó ń dán, ó ti bo òjìji tó wà láàárín ìdì irun kan sí òmíràn. Àwọn ohun mẹ́ta wọ̀nyí gan-an ni ojú fi ń mọ̀ pé irun ni òun ń wò.

Ẹni tó mọ̀ díẹ̀ á gbé àwọ̀ náà sórí ìpele tirẹ̀, á sì yí i sí ipò tí wọ́n pè ní Color. Ipò yìí kì í fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn àwòrán tó wà nísàlẹ̀; àwọ̀ nìkan ló ń pààrọ̀. Bí irun bá pọ́n tẹ́lẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Irun dúdú ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 0, tó jẹ́ dúdú kirikiri, dé 255, tó jẹ́ funfun báláú, ni kọ̀ǹpútà ń ka ìmọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi lára irun dúdú kì í sì ju 30 tàbí 40 lọ. Àwọ̀ kì í ráyè hàn níbẹ̀. Bàbà tí a fi sí i á kàn di dúdú tó pọ́n díẹ̀. Àwọn onídìrí náà mọ èyí, torí wọ́n máa ń kọ́kọ́ blíìṣì irun dúdú kí wọ́n tó fi dáì sí i.

Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣáájú. Kọ́kọ́ fi Select and Mask ya irun náà sọ́tọ̀, kí o sì fi Refine Edge Brush tọ etí rẹ̀, níbi tí fọ́nrán wẹ́wẹ́ ti fọ́n ká sí iwájú orí àti ọrùn. Lẹ́yìn náà, fi ìpele Curves sórí irun nìkan, kí o gbé àárín ìlà rẹ̀ sókè títí ibi tó jẹ́ 30 á fi sún mọ́ 75. Má ṣe gbé ìsàlẹ̀ ìlà náà rárá. Òjìji tó jinlẹ̀ jù gbọ́dọ̀ wà ní dúdú, torí òun ló ń ya ìdì irun kan kúrò lára èkejì. Ìgbà yìí ni kí o tó fi àwọ̀ sí i ní ipò Color: pupa 140, àwọ̀ ewé 75, búlúù 40, kí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 60 nínú 100.

Ó ku dídán, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àṣìṣe jù. Ní ọdún 2003, Stephen Marschner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bá fọ́nrán irun lò. Ìmọ́lẹ̀ kan ń ta padà láti ojú fọ́nrán láì wọnú rẹ̀, àwọ̀ iná tó tàn án ló sì ń gbé. Òmíràn ń wọ inú fọ́nrán, ó ń ta lára ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó tó jáde. Èyí ló ń gbé àwọ̀ irun, ó sì ń hàn sí ìhà ìdí irun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irun tí wọ́n fi dáì sí pàápàá ṣì ní dídán tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Bí gbogbo dídán bá ti di bàbà, ojú á mọ̀ pé wọ́n kùn ún ni.

Blend If ló ń tún èyí ṣe. Ṣí i lórí ìpele àwọ̀, di Alt mú kí o fi pín àmì funfun tó wà lábẹ́ Underlying Layer sí méjì, kí o fi apá kan sí nǹkan bí 150, èkejì sí 210. Àwọ̀ á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí irun ṣe ń mọ́lẹ̀ sí i. Jẹ́ kí ìdí irun náà dúdú díẹ̀ ju ṣóńṣó rẹ̀ lọ pẹ̀lú, nípa fífi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ dín àwọ̀ kù níbẹ̀.

Láti yẹ iṣẹ́ náà wò, sún àwòrán mọ́ tòsí, kí o tọ fọ́nrán kan láti ìdí dé ṣóńṣó. Ó yẹ kí o rí i bó ṣe ń kọjá láti dúdú sí bàbà, sí dídán, tó sì tún ń ṣókùnkùn. Wo iwájú orí náà: bí awọ ara bá ti pọ́n létí irun, àwọ̀ ti ṣàn kọjá ààlà.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó ń mọ. Níbi tí irun bá ti wà ní 0 nínú fọ́tò, kò sí fọ́nrán kankan tí Curves lè gbé sókè, eruku wínníwínní nìkan ló máa yọ. Fáìlì RAW máa ń ní ohun púpọ̀ sí i nínú òkùnkùn ju JPEG lọ, nítorí náà òun ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ bó bá wà. Bí kò bá sí, tí oníbàárà sì ń béèrè fún irun tó pọ́n bí èèbó, sọ fún un pé bàbà tó ṣókùnkùn ni fọ́tò yẹn lè gbà.