Ìtàn Ìṣẹ́jú Kan Níwájú Àwọn Dẹ́rẹ́bà

Kò sí ẹni tó tètè ń mọ irọ́ inú ìtàn ìjàǹbá ọkọ̀ bíi dẹ́rẹ́bà. Ẹni tó bá lọ sọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó ní gáréèjì Ìwó Road n'Íbàdàn, àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ibi tí títì ti bàjẹ́, wọ́n mọ iye èrò tí bọ́ọ̀sì ń gbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti bá wọn gbé òkú lẹ́bàá ọ̀nà rí. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá ní ọkọ̀ takìtì lẹ́ẹ̀méje, wọn á wo ojú ara wọn. Láti ìgbà náà lọ, òótọ́ tó bá sọ pàápàá kò ní wọ etí wọn mọ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò ìtàn níbẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé iye tí ìjàǹbá ojú pópó ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà kankan kò rí ara rẹ̀ nínú mílíọ̀nù. Inú ẹnì kan tó jókòó sídìí ọkọ̀ bíi tirẹ̀, láàárọ̀ bíi ti òní, ló ti máa rí ara rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni bí ìtàn náà yóò ṣe mú wọn lọ́kàn láìní àbùmọ́.

Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ bá àwọn dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ nípa táyà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì kan tí táyà rẹ̀ bẹ́ nítòsí Ògèrè, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Ohun tí ọmọ yìí kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nìyí: "Dẹ́rẹ́bà kan tí kò ka ẹ̀mí sí ń sá eré àsápajúdé, ó ń lé 160. Táyà rẹ̀ tó ti pá bẹ́, ọkọ̀ takìtì lẹ́ẹ̀méje, gbogbo èrò inú rẹ̀ sì jóná kọjá mímọ̀."

Kó tó gbé e lọ síwájú ẹnikẹ́ni, kó padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, kó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, kó sì kọ ìdáhùn wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: "Kí lẹ fojú ara yín rí? Kí ni wọ́n sọ fún yín? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ṣẹlẹ̀?" Ìdí tí mo fi ní kó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé inú ìdáhùn kẹta ni àbùmọ́ sábà máa ń gbà wọlé. Èèyàn á ròyìn ohun tó rò pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi ròyìn ohun tó rí.

Ká ní bàbá náà wá dáhùn báyìí. Ó rí dẹ́rẹ́bà tó fi ẹsẹ̀ gbá táyà ní gáréèjì kó tó ṣíná. Ó gbọ́ ìró kan tó dún bí ìbọn. Ó rí i tí ọkọ̀ fà sápá ọ̀tún, tó wọ inú koríko, tó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apá obìnrin kan kán, kò sẹ́ni tó kú. Ojú rẹ̀ ni fọganáísà ṣe yí táyà náà padà: kò tíì pá rárá, nọ́ńbà mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 0914. Dẹ́rẹ́bà ló sọ fún wọn pé ṣe lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ní tòkunbọ̀. Ní ti eré, ó rò pé ọkọ̀ ń sáré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló jókòó sí, kò rí ojú aago.

Bí 160 ṣe kúrò nìyẹn. Takìtì méje kúrò, iná kúrò, òkú kúrò, táyà pípá náà kúrò. Ẹ̀rù lè ba ọmọ náà pé ìtàn òun ti gbẹ. Èmi rí i pé ìgbà yìí gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lágbára. Dẹ́rẹ́bà tí kò ka ẹ̀mí sí, kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun nìyẹn. Ìtàn ẹ̀jẹ̀ àti iná, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni wọ́n máa fi dáhùn. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe àmín kì í sábà bẹ̀rẹ̀ wo táyà mọ́. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ gbá táyà láàárọ̀, tó rí i pé ó le, ara wọn ni wọ́n ń wò yẹn. Ohun tí gbogbo wọn ṣe lówùúrọ̀ ló ṣe.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe máa tò ó:

"Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 2022, dẹ́rẹ́bà kan n'Íbàdàn rìn yí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ká. Ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ó le dáadáa, kò sì pá. Ó wọlé, ó ṣíná. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Ògèrè, nǹkan dún gbàmù bí ìbọn. Ọkọ̀ fà sápá ọ̀tún, ó wọ koríko, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kú. Apá obìnrin kan kán. Fọganáísà yí táyà yẹn padà, ó fi nọ́ńbà mẹ́rin han àwọn èrò: 0914. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ láyé, bẹ́ẹ̀ dẹ́rẹ́bà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ta ló ti wo nọ́ńbà ara táyà ọkọ̀ rẹ̀ nínú yín?"

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun tí wọ́n lè dìde lọ wò lójú ẹsẹ̀ ló parí sí, torí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó máa ń kìlọ̀ pé kí táyà má lò ju ọdún mẹ́rin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé ìtàn náà kò sọ pé gbígbó ló mú kí táyà bẹ́. Rọ́bà máa ń gan bó bá pẹ́, inú rẹ̀ lè máa fọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n ẹrù tó pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ tó kéré àti ooru títì náà máa ń bẹ́ táyà. Ẹnikẹ́ni kò yẹ táyà yẹn wò débi tó fi lè búra. Kí olùbánisọ̀rọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ síta: "A ò lè sọ pé gbígbó nìkan ló fà á, àmọ́ ẹsẹ̀ kò lè gbá a mọ̀." Bó bá sì fẹ́ kí wọ́n mọ agbára eré, kó mú ìṣirò tí kò nílò ẹlẹ́rìí, kó má sì so ó mọ́ bọ́ọ̀sì yẹn: ọkọ̀ tó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan ń fi mítà 25 sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ó lè fi orúkọ dẹ́rẹ́bà pamọ́, kó fi nọ́ńbà ọkọ̀ pamọ́. Iye òkú, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tó fà á, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Kó má sì so ìjàǹbá méjì pọ̀ di ọ̀kan. Bí kò bá ní ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kó fi "ká ní" bẹ̀rẹ̀, bí mo ti ṣe níbí, kí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Lẹ́yìn náà kó kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Bí bàbá bá ní "bẹ́ẹ̀ kọ́", kó tún un kọ. Bí dẹ́rẹ́bà kan bá sì dìde ní gáréèjì pé, "Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà," kó gbé ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́ kíá, kó ní kó sọ èyí tó rí. Ẹni tó bá ti yọ àbùmọ́ kúrò lè ṣe èyí láìbẹ̀rù, nítorí ohun tí ọkùnrin náà máa sọ yóò bá tirẹ̀ mu.