Ìwé Orúkọ Ìpàdé: Ta Ló Yẹ Kó Rí I, Ọjọ́ Wo Ló Sì Yẹ Kó Kúrò Nílẹ̀?

Ìwé orúkọ tí wọ́n ń gbé káàkiri nínú gbọ̀ngàn ìpàdé máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àga iwájú, yóò sì máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi kan ẹ̀yìn. Nígbà tó bá fi kan ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, olúwa rẹ̀ ti lè ka orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì gbogbo ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Bó bá sì wù ú, ó lè fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

Òfin Nàìjíríà kò fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ló dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin Ìdáàbòbò Dátà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ló wá la ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà tọ́jú ìsọfúnni nípa ènìyàn. Ohun tí ènìyàn ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀ kò sí lára èyí. Ẹni tó kọ orúkọ àwọn mọ̀lẹ́bí tó ti san owó aṣọ ẹbí sínú ìwé rẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Ẹgbẹ́, ilé ìjọsìn, ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ tó ń kó orúkọ àwọn ènìyàn jọ ni òfin náà ń bá wí.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Ká sọ pé ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn alárùn àtọ̀gbẹ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá. Ọgọ́ta ènìyàn ló wá. Olùgbọ̀wọ́ kan ló san owó ọkọ̀ fún wọn, ₦3,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì fẹ́ rí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìpàdé mìíràn yóò wáyé ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní. Bí wọ́n bá ṣe é bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe é, ìwé kan ṣoṣo ni wọn yóò gbé jáde, wọn yóò kọ "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Alárùn Àtọ̀gbẹ" sí òkè rẹ̀, wọn yóò sì fa ìlà sí i fún orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, ọjọ́ orí, oògùn tí ènìyàn ń lò àti ìbuwọ́lùwé.

Inú àkọlé yẹn gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ oògùn rẹ̀ síbẹ̀, àkọlé náà ti sọ àìsàn tó ń ṣe gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Òfin ọdún 2023 ya ìsọfúnni nípa ìlera sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó gbẹgẹ́, tí ó nílò ìṣọ́ra ju ti àwọn yòókù lọ. Bákan náà ló ṣe fún ẹ̀sìn, èrò òṣèlú àti ìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìdí nìyí tí ìwé orúkọ àwọn tó wá sí ìsọjí tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú fi gbẹgẹ́ bí ti alárùn àtọ̀gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ lásán ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, àkọlé tó dára jù ni èyí tí kò sọ ju ọjọ́ àti ibi ìpàdé lọ.

Lẹ́yìn àkọlé ló kan àwọn ìlà. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Orúkọ àti ìbuwọ́lùwé wà fún owó ọkọ̀. Nọ́ńbà fóònù wà láti ránni létí ìpàdé oṣù Kìíní. Àdírẹ́sì kò ní iṣẹ́ kankan, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní lọ kàn án nílé. Ọjọ́ orí àti oògùn jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín aláìsàn àti nọ́ọ̀sì, ìwé ìwòsàn ni àyè wọn. Bí wọ́n bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ohun tí olè lè rí jí ti dín kù kí ẹnikẹ́ni tó wá àgádágodo.

Ohun tó kù yóò wá pín sí méjì. Ìwé owó wà lórí tábìlì akápò. Orúkọ, iye owó àti ìbuwọ́lùwé nìkan ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ń wá síbẹ̀ fọwọ́ sí tirẹ̀, tí akápò fi páálí bo ti àwọn yòókù. Nọ́ńbà fóònù kò sí níbẹ̀ rárá. Orí káàdì kéékèèké ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, káàdì kan fún ẹnì kan, tí wọ́n sì ń jù ú sínú àpótí bí ẹni ń dìbò. Ọgọ́ta káàdì kò wọ́n ju ìwé fúlúsíkáàpù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a gé sí mẹ́rin-mẹ́rin.

Orí káàdì náà ni ìyọ̀ǹda wà. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àpótí tirẹ̀ tí ènìyàn yóò fàmì sí: ṣé kí ẹgbẹ́ pè é fún ìpàdé tó ń bọ̀, ṣé wọ́n lè fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà ní nọ́ńbà rẹ̀, ṣé wọ́n lè lo fọ́tò rẹ̀. Ènìyàn lè gba àkọ́kọ́ kó kọ méjì yòókù. Bí ó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò ṣì jókòó, yóò ṣì gba owó ọkọ̀ rẹ̀. Àpótí tí wọ́n ti fàmì sí tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan, torí òfin sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Òfin náà gba ìyọ̀ǹda tí a fẹnu sọ. Nítorí náà, ìyá àgbà tí kò mọ ìwé kà lè gbọ́ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Yorùbá kó sì dáhùn, kí ẹni tó kà á fún un kọ ọjọ́ sí i kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ìyá gbà. Ìyá kọ́ ló máa wá ẹ̀rí pé òun kò gbà. Ọjọ́ tó bá sì yí ọkàn padà, ìpè kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ tó láti yọ orúkọ rẹ̀.

Kò sí ìbéèrè ìyọ̀ǹda kankan lórí ìwé owó, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kò lè ná owó onígbọ̀wọ́ láìsí ẹ̀rí. Kí wọ́n máa bi ènìyàn bóyá ó gbà nígbà tí wọn kò ní fara mọ́ ọn bó bá ní òun kò gbà, ẹ̀tàn ni. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n sọ fún un pé ìwé náà wà fún ìṣirò owó, kí wọ́n sì sọ ẹni tí yóò rí i.

Ní ti àwọn tí yóò rí i, akọ̀wé àti nọ́ọ̀sì ló ń di káàdì mú, akápò ló ń di ìwé owó mú. Àwọn tó ń bójú tó èrò lẹ́nu ọ̀nà kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí olùgbọ̀wọ́ bá ní òun fẹ́ mọ bí ìpàdé ṣe lọ, iye ni kí wọ́n fún un: ọgọ́ta ènìyàn, obìnrin mọ́kànlélógójì, ọkùnrin mọ́kàndínlógún. Bí ọ́dítọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ rí ìbuwọ́lùwé, ó lè wá wò ó ní ọ́fíìsì. Fọtokópì tó bá jáde lọ kì í padà wálé.

Wásáàpù ló ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere jẹ́ níbí. Akọ̀wé tó dá gúrúùpù sílẹ̀ tó sì kó ọgọ́ta nọ́ńbà sínú rẹ̀ ti fi alárùn kọ̀ọ̀kan han mọ́kàndínlọ́gọ́ta yòókù. Wásáàpù ní ọ̀nà mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní Broadcast, tí ọ̀rọ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ oníkálukú lọ́tọ̀ láìrí ara wọn. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tọ́jú nọ́ńbà akọ̀wé sórí fóònù rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n tú ká ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ní kí gbogbo ènìyàn tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bí ìwé bá ti jò. Kí akọ̀wé fi orúkọ kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni sínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan àkọsílẹ̀ nọ́ńbà náà, kí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, kí orúkọ náà sì yàtọ̀ láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà. Ọjọ́ tí ẹni tó ń ta àgbo bá pe nọ́ńbà yẹn tó sì dárúkọ náà, ẹ̀dà tó jò ti fara hàn. Bí ìjò náà bá lè ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá, òfin fún ẹgbẹ́ ní wákàtí 72 láti ìgbà tó ti mọ̀ kó fi tó àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà létí. Bí ewu náà bá pọ̀, kò gbọ́dọ̀ fi àkókò ṣòfò kó tó sọ fún àwọn tó kàn.

Ní ti ìgbà tí wọn yóò tọ́jú ìwé dà, òfin kò dá oṣù tàbí ọdún. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n má ṣe tọ́jú rẹ̀ kọjá ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, ìyẹn sì fi ìṣirò sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ilẹ̀ England fi bí ìṣirò náà ṣe ń rí hàn nígbà àrùn Kòrónà. Ní ọdún 2020, wọ́n ní kí ilé oúnjẹ tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà fún ọjọ́ 21, kí wọ́n sì pa á rẹ́. Ọjọ́ 14 ni àrùn náà lè fi sápamọ́ sára ènìyàn, ọjọ́ méje yòókù sì wà fún àyẹ̀wò àti wíwá àwọn tó fara kan ara wọn. Ní ọdún kan náà, ní ìlú Auckland, obìnrin kan tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún irú ètò yẹn nílé oúnjẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbà láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Àkókò kúkúrú nìkan kò tó bí ẹni tí kò yẹ bá lè ka ìwé náà.

Ìṣirò ti Ìbàdàn rọrùn. Iṣẹ́ káàdì parí lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ 9 oṣù Kìíní. Bí wọ́n bá fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, ọjọ́ 16 ni kí wọ́n pa á run. Ẹni tó wá sí ìpàdé kejì yóò kọ káàdì tuntun. Ìwé owó yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nítorí òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ owó fún ọdún mẹ́fà. Déètì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí káàdì kí àwọn ènìyàn tó fọwọ́ sí i.

Pípa á run kì í ṣe jíjù sínú agbọ̀n. Ìwé ọ́fíìsì tí wọ́n tà ní ìwọ̀n máa ń dé ọwọ́ ẹni tó ń di àkàrà àti ẹ̀pà. Kí wọ́n sun káàdì tàbí kí wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ lórí Google Drive ṣì wà nínú Trash fún ọjọ́ 30, fọ́tò káàdì sì lè ti wọ ibi ìpamọ́ mìíràn láìjẹ́ pé ẹni tó yà á mọ̀. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé káàdì ọgọ́ta ni wọ́n sun, ọjọ́ báyìí, níṣojú ẹni báyìí, láìkọ orúkọ alárùn kankan. Bí ẹ̀sùn bá wà nílẹ̀ lórí káàdì kan, tàbí tí ìwádìí lórí ìjò kò tíì parí, èyí tó kàn nìkan ni kí wọ́n yà sọ́tọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, kí àwọn yòókù lọ ní ọjọ́ wọn.