Àṣẹ́kù Ìpín Tó Bí Nọ́ńbà i

Akẹ́kọ̀ọ́ girama mọ̀ pé kò sí nọ́ńbà gidi tí a lè sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ kí èsì rẹ̀ jẹ́ −1. Nígbà tó bá yá, olùkọ́ á kọ i sójú pátákó, á ní i² = −1. Níbo ni i yìí ti wá? Ní 1847, Augustin-Louis Cauchy, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, fún un ní ìdáhùn tó fìdí múlẹ̀: ẹ máa fi x² + 1 pín àwọn pòlìnómíà, kí ẹ sì máa mú àṣẹ́kù nìkan lò.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òrùka nínú ìṣirò. Òrùka ni àkójọ ohun tí a lè ròpọ̀, tí a lè yọ kúrò lára ara wọn, tí a sì lè sọ di púpọ̀, láìjáde kúrò nínú àkójọ náà, tí àwọn òfin ìṣirò tí a mọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn odidi nọ́ńbà jẹ́ òrùka. Àwọn pòlìnómíà náà jẹ́ òrùka.

Họmọmọ́físíìmù ni ọ̀nà tí a ń gbà kó ohun inú òrùka kan lọ sínú òmíràn láìba ìṣirò jẹ́. Bí a bá kọ́kọ́ ròpọ̀ ká tó kó wọn lọ, tàbí tí a kọ́kọ́ kó wọn lọ ká tó ròpọ̀, èsì kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí fún ìsọdipúpọ̀, 1 sì gbọ́dọ̀ di 1. Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló yege. Bí a bá sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, ìròpọ̀ kò ní bàjẹ́, àmọ́ ìsọdipúpọ̀ á bàjẹ́: 3 × 4 jẹ́ 12, èyí tó di 24, ṣùgbọ́n 6 × 8 jẹ́ 48.

Èyí tó yege dáadáa ni kí a fi nọ́ńbà kan rọ́pò x. Ẹ mú x² + 3x àti x − 1. Bí x bá jẹ́ 2, wọ́n á di 10 àti 1, tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 10. Bí a bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di púpọ̀, a ó rí x³ + 2x² − 3x. Ẹ fi 2 sí i: 8 + 8 − 6, ó di 10.

Wàyí o, ẹ fi i rọ́pò x. Àwọn pòlìnómíà wo ló máa di òdo? Àwọn wọ̀nyí la ó pè ní ekùrọ́ ọ̀nà náà. Pòlìnómíà yòówù tí a bá fi x² + 1 pín, àṣẹ́kù rẹ̀ á jẹ́ a + bx, tí a àti b jẹ́ nọ́ńbà gidi. Nígbà tí x bá di i, x² + 1 á di òdo, a + bi nìkan ló máa kù. Ìyẹn kò lè jẹ́ òdo àfi tí a àti b fúnra wọn bá jẹ́ òdo. Nítorí náà, ohun tí x² + 1 pín láìṣẹ́kù nìkan ló wà nínú ekùrọ́.

Ibí ni tíọ́rẹ́mù àkọ́kọ́ ti wọlé. Ó ní bí a bá ka gbogbo ohun inú ekùrọ́ sí òdo, òrùka tó kù bá ohun tó dé òdìkejì mu délẹ̀délẹ̀, nínú ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀:

R[x]/(x² + 1) ≅ C

C ni àkójọ gbogbo nọ́ńbà a + bi. Ẹ dán an wò. (2 + 3x)(1 + x) jẹ́ 2 + 5x + 3x². Ẹ fi x² + 1 pín in, àṣẹ́kù jẹ́ −1 + 5x. Bákan náà, (2 + 3i)(1 + i) jẹ́ −1 + 5i. Ìpín lásán ló bí i. Ní 1927, Emmy Noether, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Göttingen ní Jẹ́mánì, gbé irú àwọn tíọ́rẹ́mù yìí kalẹ̀ lọ́nà tó kárí, tí kò fi so mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Tíọ́rẹ́mù kẹta ní kò sí ìyàtọ̀ nínú ohun tí a kọ́kọ́ kà sí òdo. Ẹ mú pòlìnómíà tí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ odidi, kí ẹ ka x² + 1 àti 5 sí òdo. Bí x² + 1 bá ṣáájú, a ó ní àwọn nọ́ńbà a + bi tí a ń ka 5 sí òdo nínú wọn. Bí 5 bá ṣáájú, x² + 1 á pín sí (x − 2)(x − 3), nítorí 5 àti 6 tó yọ nínú ìsọdipúpọ̀ náà á di 0 àti 1. Èyí fi hàn pé a lè fi 2 rọ́pò i, ká sì máa mú àṣẹ́kù ìpín 5 lò: −1 + 5i á di 9, tí àṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ 4, 2 + 3i di 8, 1 + i di 3, ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 24, àṣẹ́kù 4 náà ni.

Bí a bá fi 7 dípò 5, ọ̀nà yìí kò ní yege. Àṣẹ́kù tí ìlọ́po nọ́ńbà pẹ̀lú ara rẹ̀ lè ní níbẹ̀ ni 0, 1, 2 àti 4. −1, tó jẹ́ 6, kò sí láàárín wọn, nítorí náà i kò ní ibi tó máa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá i lè wọ inú òrùka kan, kó kọ́kọ́ wá ohun tí ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ jẹ́ −1 níbẹ̀. Bí kò bá rí i, kò sí họmọmọ́físíìmù tó lè gbé i débẹ̀.