Lẹ́yìn Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àfihàn: Bí Olùdíje fún Iṣẹ́ Olùkọ́ Yunifásítì Ṣe Ń Kọ̀wé Padà, Tó Sì Ń Dúró De Èsì

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí nìkan kì í sọ ènìyàn di olùkọ́. Bí ìgbìmọ̀ aṣàyàn bá ti yẹ ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ wò, tí wọ́n sì ti bá díẹ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n á pe bí ẹni mẹ́ta wá sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Olùdíje kọ̀ọ̀kan á kọ́ kíláàsì kan níṣojú ìgbìmọ̀, á jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, á rí díìnì, ó sì lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹun ọ̀sán. Bó bá wá délé, iṣẹ́ kan ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀: lẹ́tà tó máa kọ padà, àti bó ṣe máa dúró de èsì. Ọ̀pọ̀ ló ń ka lẹ́tà yìí sí ìwé ìdúpẹ́ lásán, bẹ́ẹ̀ òun ni àyè tó kù fún olùdíje láti parí ohun tí aago kò jẹ́ kó parí nínú kíláàsì.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń lọ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ lásìkò náà. Àwọn olùdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í wá lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lè wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí kíláàsì máa ń kọ èrò wọn sínú fọ́ọ̀mù, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà á sì kọ tiwọn sílẹ̀. Ìgbà tí gbogbo olùdíje bá ti wá tán ni ìgbìmọ̀ tó máa jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ á dé iwájú gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka, wọ́n lè dìbò, olórí ẹ̀ka á gbé e lọ bá díìnì, ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ náà á sì yẹ ìwé wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù láti pe ẹni tí wọ́n yàn. Ẹni tó kọ́kọ́ wá ni ìgbàgbé ń dé bá jù lọ. Lẹ́tà tó bá tètè dé, tó sì mú ohun kan pàtó dání, á wà lára ohun tí wọ́n máa tún kà kí wọ́n tó pinnu.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní obìnrin kan láti Ìbàdàn ń wá iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ní irú yunifásítì bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní yunifásítì bíi Wisconsin, Indiana àti Florida. Kíláàsì ọdún kìíní ni wọ́n fún un, ọjà rírà sì ni kókó ẹ̀kọ́ náà. Ó kọ «Mo ra aṣọ» sójú pátákó. Nígbà tó yá, ó kọ «Mo rà á» sísàlẹ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́, ó ní ibo ni àmì tó wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe ìsàlẹ̀ yẹn ti wá, ṣebí ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló kù. Olùkọ́ náà ní òun á padà sí i, aago sì lù.

Níwájú ìgbìmọ̀ lọ́sàn-án, ọ̀kan nínú wọn bi í léèrè ohun tó máa ṣe bí ọmọ méjì bá wà ní kíláàsì kan: èkíní jẹ́ ọmọ ilé Yorùbá, ó gbọ́ èdè, kò lè kà á, èkejì kò gbọ́ «ẹ káàárọ̀» rí. Ó ṣàlàyé bó ṣe máa kọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sọ bó ṣe máa fún wọn ní máàkì. Nítorí náà, gbèsè méjì ló gbé kúrò níbẹ̀.

Ó dára kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, kó kọ ìbéèrè tó ṣì jẹ àti ìlérí tó ṣe sílẹ̀, kó sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Alága ìgbìmọ̀ ni yóò kọ ọ́ sí. Bí a bá gbé e sí Yorùbá, ó lè rí báyìí:

«Ẹ ṣeun fún ọjọ́ àná. Inú mi dùn sí ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí nígbà tí kíláàsì ń parí lọ, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gba ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í yí padà níwájú arọ́pò-orúkọ. Ìdí nìyẹn tí ‹rà› fi di ‹ra aṣọ›, tó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú ‹rà á›. Mo fi ojú-ìwé kan tó ní gbólóhùn mẹ́wàá mọ́ lẹ́tà yìí, bóyá olùkọ́ wọn á fẹ́ lò ó. Ní ti ìbéèrè yín nípa máàkì, ìdánwò ìsọ̀rọ̀ àti ti kíkà ni màá yà sọ́tọ̀, kí ọmọ tó ti ń gbọ́ èdè láti ilé má bàa fi etí rẹ̀ bo àìlèkàwé mọ́lẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà sì rí ibi tó ti ń tẹ̀síwájú. Bí ìgbìmọ̀ bá nílò ohunkóhun mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀.»

Ó tó bẹ́ẹ̀. Agbára lẹ́tà yìí ni pé kò sọ pé olùkọ́ rere ni òun, ó kọ́ni. Ìgbìmọ̀ tó ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ lógún ti rí olùkọ́ tó padà sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó fipá mú un. Ojú-ìwé kan ni ó sì fi ránṣẹ́, kò di ẹrù ọgbọ̀n ojú-ìwé lé àwọn tó ní kíláàsì tiwọn láti kọ́.

Bí olùdíje bá ṣe àṣìṣe gidi níwájú kíláàsì, irú bí kó fi àmì ohùn sí ibi tí kò yẹ, gbólóhùn kan tó: kó sọ èyí tó tọ́, kó kọjá lọ. Ẹ̀bẹ̀ gígùn á mú kí àwọn tí kò tilẹ̀ kíyè sí i nígbà náà wá rántí rẹ̀. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù náà lè gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kúrú, kó sì kan ohun tí òun alára sọ. Wọ́n máa ń fi lẹ́tà han ara wọn, gbólóhùn kan náà lọ́nà márùn-ún kì í sì í pẹ́ tú. Ọwọ́ olùkọ́ tó ni kíláàsì ni kí ìkíni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà. Kò bójú mu kí olùdíje máa wá wọn kiri lórí fóònù, kò sì yẹ kó fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Rìsíìtì ọkọ̀ òfuurufú àti ti takisí ń lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka nínú lẹ́tà tirẹ̀. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ owó wọ inú lẹ́tà ìdúpẹ́.

Ẹni tó bá ń ka èyí láti Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ní yunifásítì ìjọba níbí, ọ́fíìsì Rẹ́jísírà ló ń pe olùdíje, ibẹ̀ náà ni èsì ti ń wá. Bí olùdíje bá ń kọ̀wé sí ọmọ ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè kà á sí pé ó ń wá ojúrere lẹ́yìn. Ibi tí ìwé ìpè ti wá ni kí ìwé ìbéèrè padà sí.

Dídúró de èsì ló le jù. Ó yẹ kí olùdíje ti bi alága léèrè, kó tó kúrò lọ́gbà, ìgbà tí wọ́n rò pé àwọn á pinnu. Bí alága bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó dúró títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi pé, kó fi ọ̀sẹ̀ kan lé e, kó tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo: iṣẹ́ náà ṣì wu òun, ṣé ìgbà tí wọ́n dá ti yí padà? Gbólóhùn méjì ti tó. Bí wọn kò bá fèsì, pípè lójoojúmọ́ kò lè yá díìnì lára láti buwọ́ lùwé.

Ìdákẹ́jẹ́ wọn kì í sábà túmọ̀ sí pé wọ́n ti kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ti pe ẹni àkọ́kọ́, wọ́n á fún un láyè láti ronú, kí ó sì dúnàá-dúràá lórí owó oṣù. Títí tónítọ̀hún á fi buwọ́ lùwé, alága kò ní sọ fún ẹni kejì pé ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí ó lè nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí wọ́n bá kàn sí àwọn tó jẹ́rìí sí olùdíje tàbí kí wọ́n béèrè ìwé àṣẹ láti wádìí ìtàn rẹ̀, kò tíì di iṣẹ́ gbígbà, torí ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń ṣe é fún gbogbo àwọn tó kù.

Ohun kan ló tọ́ kí olùdíje tún kọ̀wé lé lórí láìdúró: kí yunifásítì mìíràn ti fún un níṣẹ́. Kó sọ fún alága lọ́jọ́ náà gan-an, kó sọ ọjọ́ tí wọ́n fún un láti fèsì, kó sì béèrè bóyá ìgbìmọ̀ lè pinnu ṣáájú ọjọ́ náà. Alága tó bá fẹ́ ẹ gan-an á gbé lẹ́tà yẹn lọ bá díìnì. Ẹni tí kò bá tíì gba iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ purọ́ irú èyí, nítorí wọ́n lè sọ fún un pé kó máa lọ.

Bí wọ́n bá wá pè é, kó dúpẹ́, kó béèrè ohun gbogbo lórí ìwé: owó oṣù, iye kíláàsì tó máa kọ́ ní sáà kọ̀ọ̀kan, ọdún tí àdéhùn náà máa gbà, àti ọ̀rọ̀ físà fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Ìlànà kan tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1993 sọ pé kí wọ́n sábà fún ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán láti fèsì; kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n a lè fi béèrè àyè tí kò pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tó bá buwọ́ lù ú, kó kọ̀wé sí gbogbo ìgbìmọ̀ yòókù tó ṣì ń retí rẹ̀ pé òun ti yọwọ́, kí wọ́n lè tètè pe ẹni tó kàn.