Ìdí Tí Áàpù Báǹkì Fi Máa Ń Kọ̀ Jálẹ̀

Lọ́jà Balógun àti Ìdúmọ̀tà, wọ́n ti di aṣọ sínú ọ̀rá tán, oníbàárà fẹ́ sanwó, àfi bí “Update required” ṣe bo gbogbo ojú fóònù rẹ̀. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó lè fi sún un di ọ̀la. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ báǹkì gan-an ló kọ̀.

Gbogbo ẹ̀yà áàpù ló ní nọ́ńbà tó ń lọ sókè. Bí a bá ṣí áàpù, á sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà báǹkì. Ká ní 412 ni ti oníbàárà yìí, tí báǹkì sì ti pinnu pé òun ò ní gba ohun tó bá kéré sí 420, èsì tó máa gbà ni pé kó lọ gba tuntun. Báǹkì tó mọṣẹ́ á tún ti ọ̀nà tí 412 ń gbà wọlé pa.

Kí ló fà á? Ó lè jẹ́ pé wọ́n rí àléébù kan nínú 412: ó ń fi àṣírí oníbàárà pamọ́ síbi tí áàpù mìíràn ti lè kà á. Wọ́n tún un ṣe nínú 420, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbà á ṣì wà nínú ewu, olè kò sì ní yéé wá ẹni tó ṣì ń lo 412. Nígbà mìíràn, àmì tí áàpù fi ń dá kọ̀ǹpútà báǹkì mọ̀ ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀. Bí ọjọ́ ìpààrọ̀ bá pé, ẹ̀yà àtijọ́ kò ní dá báǹkì mọ̀ mọ́, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kó gbogbo èèyàn sórí tuntun ṣáájú.

Mo fara mọ́ kíkọ̀ náà. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí báǹkì tì í pa lọ́sàn-án ọjà láìkìlọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Àwọn gbájúẹ̀ náà mọ̀ pé àṣẹ yìí ti mọ́ wa lára, wọ́n sì ń fi líǹkì “update” ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Play Store ni kí ẹ lọ fúnra yín. Bí áàpù bá ti wà lórí fóònù yín, “Update” tàbí “Open” ló yẹ kó kọ. Bó bá kọ “Install”, áàpù mìíràn nìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Fóònù tó ti gbó jù lè má rí tuntun gbà rárá. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ lè tẹ *894# bó bá ń lo First Bank. Ọ̀dọ̀ báǹkì ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí fóònù máa gbà tuntun.