Máífáì Nínú Ṣọ́ọ̀bù Onírin

Ẹni tó bá ra máífáì sí ṣọ́ọ̀bù kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé: "Wáífáì kún fọ́fọ́ lójú fóònù mi, síbẹ̀ kò ṣí nǹkan kan." Àmì wáífáì ojú fóònù yẹn kò sọ ohunkóhun nípa bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń wọlé. Ohun tó ń sọ kò ju pé fóònù àti máífáì ń gbọ́ ara wọn dáadáa lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ara wọn nígbà tí wọ́n jọ wà lórí káńtà kan náà. Bí máífáì ṣe ń gbọ́ mààsìtì tó wà ní ìparí àdúgbò, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ gbáà nìyẹn, ara máífáì fúnra rẹ̀ lèèyàn sì ti ń rí i. Ẹni tó bá ya ọ̀nà méjèèjì yìí sọ́tọ̀ á tètè mọ ibi tí wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀ jù létí títì ní Ìbàdàn: kọ̀ntéínà onírin, ẹ̀rọ POS lórí káńtà, fìríìjì lẹ́yìn, fóònù ọlọ́jà àti ti ọmọ iṣẹ́ méjì. Irin kì í jẹ́ kí ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, nítorí náà ẹnu ilẹ̀kùn nìkan ló ń gbà wọlé síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ẹ gbé máífáì sí fi ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ fi rà á lọ.

Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ mọ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dára jù níbẹ̀. Ẹ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ ṣí fídíò lórí fóònù yín, kí ẹ sì ní kí aládùúgbò tó ń lo síìmù mìíràn ṣí tirẹ̀. Kì í ṣe àárọ̀ ni kí ẹ dán an wò, torí alẹ́ ni gbogbo àdúgbò máa ń rọ́ sórí mààsìtì kan náà. Síìmù tó bá ṣe dáadáa lákòókò yẹn ni kí ẹ mú, kí ẹ sì rí i pé NIN yín wà lórí rẹ̀. Ẹ tún bi ẹni tó ń ta máífáì bóyá ó ń gba síìmù gbogbo ilé iṣẹ́, nítorí èyí tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn ń tà sábà máa ń kọ síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ kọ́kọ́ fi síìmù náà sínú fóònù. Ẹ ra dátà sí i, ẹ tẹ *323# láti rí i pé dátà ọ̀hún wọlé lóòótọ́. Bí síìmù bá ní PIN, ẹ yọ ọ́ kúrò, torí máífáì lè jókòó tẹtẹrẹ kó máa retí PIN tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ń béèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ pa máífáì, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ ti síìmù sí ihò rẹ̀. Bí ihò náà bá tóbi ju síìmù lọ, férémù ike kékeré ni wọ́n ń fi sí i lára. Ẹ má ṣe ti férémù yẹn wọlé lófìfo o: eyín irin tó wà nínú ihò á gbá a mú, bí ẹ bá sì fà á, eyín náà á kán, ó di ti oníṣẹ́ ọwọ́.

Orúkọ wáífáì àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lára bébà tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bátìrì. Ẹ fi fóònù wọlé, kí ẹ ṣí ibi tí ẹ fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lórí bébà náà, tó sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.8.1. Ojú ìwé tí wọ́n fi ń darí máífáì ló máa ṣí. Páásíwọ́ọ̀dù méjì ni ẹ máa pààrọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi èkejì sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí fóònù fi ń wọlé sórí wáífáì. Èkejì ni èyí tí ẹ fi wọ ojú ìwé yẹn, "admin" ló sì sábà máa ń jẹ́ láti ilé iṣẹ́ wá. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, oníbàárà tí ẹ fún ní wáífáì lónìí lè wọlé síbẹ̀, kó yí i padà, kó sì tì yín síta.

Bí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá hàn lára máífáì, tí dátà wà, tí ojú ìwé kankan kò sì ṣí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ APN sí. Ó lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ èyí tó bá síìmù yín mu, láìfi àyè sílẹ̀ láàárín:

```
MTN:    web.gprs.mtnnigeria.net
Airtel: internet.ng.airtel.com
```

Ó wá kan ibi tí ẹ máa gbé e sí. Lórí ojú ìwé kan náà, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní RSRP. Àmì àyọkúrò máa ń wà níwájú rẹ̀, bó bá sì ṣe ń sún mọ́ òdo ló ṣe ń dára sí i. Ká sọ pé ẹ gbé máífáì sẹ́yìn fìríìjì, ó ka -116: níbi báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa já lemọ́lemọ́. Ẹ gbé e wá sórí káńtà, ó di -107. Ẹ gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn, ní ìhà tí mààsìtì wà, ó di -94, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti lè máa lọ geere. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan níbì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kà á, torí nọ́ńbà náà máa ń sún sókè sódò. Láti ẹnu ilẹ̀kùn sí káńtà kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, wáífáì á débẹ̀ láìsí ìyọnu. Wáyà tó gùn díẹ̀ ló kù tí ẹ máa rà fún iná rẹ̀. Bí máífáì bá sì ń já bọ́ sórí 3G nígbà tí 4G wà ládùúgbò, ẹ yan "4G Only" tàbí "LTE Only".

Dátà tó ń tán kíá kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi POS, torí ohun tí gbígba owó lórí káàdì ń jẹ kéré púpọ̀. Fóònù ló ń jẹ ẹ́. Fóònù gbà pé wáífáì jẹ́ ọ̀fẹ́, kò mọ̀ pé dátà tí ẹ fi owó rà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí kì í ṣe lórí síìmù ló máa ń dúró de wáífáì kó tó ṣe: ó ń tún áàpù ṣe, ó ń kó fọ́tò lọ sí ibi ìpamọ́, ó ń fa fídíò tó dé sórí wásáàpù. Áńdíròídì ní ibi tí ẹ lè ti sọ fún un: ẹ tẹ orúkọ wáífáì náà nínú sẹ́tíńgì, kí ẹ wá "Metered", kí ẹ sì yàn án. Lórí áífóònù, "Low Data Mode" ni. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, "Metered connection" ni. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo wáífáì náà ni ẹ ó ṣe é fún, nítorí ẹyọ kan tí ẹ bá gbàgbé tó láti jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan mọ́jú.

Fídíò tiẹ̀ ni ẹ kò lè fi èyí dá dúró. Fídíò tó mọ́ kedere lè gba gígábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ wo fíìmù, kó fi síìmù tirẹ̀ wò ó.

Bátìrì ni mo fi sí ìkẹyìn, torí ó máa ń pẹ́ kó tó hàn. Máífáì tó wà lórí iná látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nínú kọ̀ntéínà tí oòrùn ń pa, máa ń gbóná, bátìrì rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹ̀yìn máífáì tí kò pa dé mọ́ dáadáa ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ní ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ẹ yọ wáyà iná, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ yọ bátìrì náà láìtẹ̀ ẹ́ àti láìgún un, kí ẹ sì ra òmíràn tó jẹ́ irú rẹ̀ gan-an.