"Bá" Méjì Nínú Òwe Kan: Kí Ni Ìró Ń Ṣe Níbẹ̀?

Nígbà tí mo wà ní ìpele kẹta, wọ́n fún wa ní ewì kan láti ṣàlàyé. Mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí kọ́ńsónáǹtì kan ti padà wá, mo kọ "àwítúnwí kọ́ńsónáǹtì" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fa ìlà sábẹ́ àwọn fáwẹ̀lì tó jọra, mo kọ "àwítúnwí fáwẹ̀lì". Nígbà tó wá ku kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ewì náà, mo kọ gbólóhùn tí gbogbo wa máa ń kọ: "Èyí mú kí ewì náà dùn-ún gbọ́." Olùkọ́ wa fi bírò pupa kọ ìbéèrè kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ewì wo ni a ò lè sọ èyí nípa rẹ̀?" Ẹ má bi mí léèrè máàkì tí mo gbà.

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Orúkọ tí a fún ìró kan ń sọ fún wa pé nǹkan kan padà wá ni. Kò sọ ohun tí ì bá sọnù bí nǹkan náà ò bá padà wá. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ láti rí ohun tó sọnù ni pé kí a yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí a fi òmíràn tó ní ìtumọ̀ kan náà sí ipò rẹ̀, kí a sì tún gbogbo rẹ̀ pè sókè.

Ìrèlè-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ni mo ti kọ́kọ́ dán èyí wò, lọ́dọ̀ màmá àgbà mi. Òwe kan tí wọ́n fẹ́ràn ni mo lò, èyí tí gbogbo wa mọ̀: "Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá." Mo yí i padà báyìí: "Bí èèyàn bá ju òkúta sínú ọjà, ẹbí rẹ̀ ló máa bà." Màmá àgbà wò mí. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ nǹkan tí o sọ o, àmọ́ wọn kì í wí i bẹ́ẹ̀." Mo ní kí wọ́n sọ ohun tí mo bà jẹ́ fún mi. Wọ́n ní ó ti wúwo, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Iṣẹ́ wá kù fún mi: kí ló mú un wúwo?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn jù, ìyẹn iye sílébù. "Sọ òkò sí ọjà" ní sílébù mẹ́fà. Ìpajẹ fáwẹ̀lì sọ ọ́ di mẹ́rin: sọ̀-kò-sọ́-jà. Tèmi, "ju òkúta sínú ọjà", jẹ́ mẹ́jọ. Ẹni tí òwe yìí ń bá wí jẹ́ ẹni tó ju nǹkan láì ronú. Nínú òwe gan-an, kò sí àkókò láti ronú. Nínú tèmi, ẹni náà ti lè yí ọkàn padà kí òkúta tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí ìpajẹ yẹn ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni "sọ", ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni "sí". Wọn ò jọ ara wọn. Àmọ́ lẹ́yìn tí fáwẹ̀lì ti pajẹ, sílébù kan náà ni wọ́n dà: sọ̀ àti sọ́. Ẹnu ò yí padà, ohùn nìkan ló yàtọ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ìkejì lókè. Ìṣe jíju wà nínú àkọ́kọ́, ibi tí òkò ń lọ wà nínú ìkejì, etí sì gbọ́ méjèèjì bí ẹni pé nǹkan kan náà ni. Bí a bá kọ "àwítúnwí kọ́ńsónáǹtì s" síbẹ̀ lásán, a ti fi ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé tó kọ lórí àwọn àbùdá ewì alohùn Yorùbá lọ́dún 1984, jíròrò irú fífi ohùn kojú ohùn yìí. Ó yà mí lẹ́nu pé ó ṣì ń ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ àṣetiléwá wa.

Ibi tó wá mú mi dìde lórí àga ni àkíyèsí tó tẹ̀ lé e. Mo to gbogbo kọ́ńsónáǹtì òwe náà sórí ìwé. Apá kìíní: b, b, s, k, s, j. Àsénupè, àfúnnupè àti àsésí ni gbogbo wọn, ìró tí èémí ti ń kọlu ìdènà kó tó jáde. Apá kejì: r, l, n, n, b. Láti "ará" títí dé "ní í", ìró tó ń ṣàn ni: àréhọ́n, àfẹ̀gbẹ́ẹ̀nupè, àránmúpè. Kò sí ibì kan tí èémí ti dúró pátápátá. Sílébù mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án apá yìí (a, i, ẹ, í) fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní agbára kankan lẹ́nu. Bí a ṣe wá sílé nínú ọ̀rọ̀ náà ni ẹnu ṣe rọ̀. Lẹ́yìn náà, ní sílébù tó kẹ́yìn pátápátá, ètè padé: bá. Òkò bà á.

Ohùn náà tún tò. Ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú òwe náà, apá kìíní sì ni gbogbo wọn wà: sọ̀, kò, jà. Apá kejì ò ní ẹyọ kan. Àárín àti òkè ló ń tẹ̀ lé ara wọn, tí ó sì parí sí ohùn òkè mẹ́ta léraléra: ní í bá.

"Bá" yìí ni mo fi ṣe àkọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fara hàn. "Bá" ti àkọ́kọ́, nínú "bí a bá", kò ní ìtumọ̀ tó wúwo, iṣẹ́ gírámà ló ń ṣe. Ti ìkẹyìn ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó gbé gbogbo òwe ró. Ìró kan náà, ohùn kan náà. Ohun tó jáde lẹ́nu ẹni nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, tí kò kà sí nǹkan kan, ló padà wá dé bá a níparí. Ohun tí òwe náà ń sọ nípa òkò gan-an nìyẹn. Nínú tèmi, "ẹbí" ti lo ìró b kó tó di pé a dé ibi tí òkò ti bà, nítorí náà ìkọlù náà ti tán kó tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé èyí ni màmá àgbà pè ní wíwúwo.

Wọ́n ò sì pe "ilé" bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí o. "Ulé" ni wọ́n ń pè é, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì. Inú mi dùn sí ìyẹn, torí pé ẹ̀ka-èdè ń bá wa ṣe ìdánwò lọ́fẹ̀ẹ́. Fáwẹ̀lì yí padà, òwe ò sì bàjẹ́. "Ará ulé ẹni" ṣì ń ṣàn, b ṣì dúró de ìparí. Nítorí náà, kì í ṣe fáwẹ̀lì i ló gbé apá yẹn ró, bó ti wù kí a fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gbádùn irú àlàyé yìí lẹ́ẹ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí i níbi gbogbo, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ àwítúnwí tí à ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ nínú Yorùbá kì í ṣe ti akéwì rárá. Bí a bá fẹ́ sọ "lọ", "mu", "sùn" di ọ̀rọ̀-orúkọ, òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ló sọ pé kí a mú kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́, kí a fi í tẹ̀ lé e, kí a fi ṣíwájú: lílọ, mímu, sísùn. Kò sẹ́ni tó yàn án. Bákan náà ni àǹkóò fáwẹ̀lì. Nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kì í ṣe àkànpọ̀, ẹ àti ọ kì í bá e àti o gbé, ìdí nìyẹn tí a fi ní ẹsẹ̀, ọmọ, ejò, òkè. Bí fáwẹ̀lì bá jọra nínú "ọmọ", èdè ni ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. (Ó dùn mọ́ mi pé "sọ̀kò" rú òfin yẹn. Ọ pẹ̀lú o nínú ọ̀rọ̀ kan, etí mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì ló sún mọ́ra.) Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó ti lè lò? Bí kò bá sí, kò sí yíyàn, ibi tí kò sì sí yíyàn, mi ò ní sọ pé akéwì fi ṣe nǹkan kan.

Àṣìṣe kejì ni láti rò pé ìró ní ìtumọ̀ tirẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Lóòótọ́, nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fi ìró ya àwòrán nǹkan, ohùn ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀: nǹkan róbótó kéré, nǹkan ròbòtò tóbi. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ìyẹn, ó kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ń tọ́ka sí nǹkan ńlá nínú ewì. Mo ní kó pe "èèrà" fún mi. Ohùn ìsàlẹ̀ ni látòkè délẹ̀. Kó wá pe "erin". Kò sí ohùn ìsàlẹ̀ kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni b ò ṣe túmọ̀ sí kíkọlù. Ó wà nínú "bàbá", ó wà nínú "bẹ̀", kò sì kọlu ẹnikẹ́ni. Ibi tó wà nínú òwe wa, lẹ́yìn r, l, n, n, pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó gbé e, ló fún un ní agbára.

Ìgbà mìíràn wà tí ìdánwò náà máa ń já sí òfo. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Wà, wọ́: mo ti fẹ́ kọ ojú ìwé kan lórí w méjì yìí, ohùn ìsàlẹ̀ kojú ohùn òkè. Mo kọ́kọ́ ka ohun tó wà láàárín wọn, mo rí sílébù mẹ́sàn-án. Mo wá pe òwe náà fún màmá àgbà, mo fi "jókòó" rọ́pò "wà". Wọ́n kàn mi orí ni, wọ́n ń bá ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó lọ. Mo pa ìlà tí mo fà sábẹ́ w méjèèjì rẹ́.